Ọmọ Mọ Ìtumọ̀ Òwe, Kò Mọ Ẹni Tó Yẹ Kó Pa Á Fún: Irú Ìbéèrè Tó Yẹ Ká Máa Bi Wọ́n ní Kíláàsì Yorùbá Wa

Lọ́dún tó kọjá, iná sun ṣọ́ọ̀bù ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa níbí ní Jọ́ọ̀sì. Aṣọ ni bàbá náà ń tà, ẹrù tuntun tí wọ́n kó wọlé kò sì tíì pé ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọjọ́ kejì, a kó ara wa jọ, a lọ kí wọn nílé. Ọmọkùnrin kan tẹ̀lé bàbá rẹ̀ wá, ọmọ ọdún 14, ọ̀kan lára àwọn tó ń wá sí kíláàsì Yorùbá tí ẹgbẹ́ wa máa ń ṣe ní ọ̀sán Sátidé. Ọmọ yìí dọ̀bálẹ̀ dáadáa. Ló bá gbórí sókè, ó ní, "Bàbá, ẹ má ronú. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Bàbá náà kàn wò ó ni, wọn ò sọ nǹkan kan. Ìyàwó wọn dìde, ó wọ yàrá lọ. Bàbá ọmọ náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé ni, kò mọ ohun tó ń sọ.

Àmọ́ ọmọ náà mọ ohun tó ń sọ o. Èmi tí mo máa ń ran tíṣà lọ́wọ́ ní kíláàsì yẹn, èmi gan-an ni mo kọ́ ọ lówe náà. Mo rántí ìdánwò tá a ṣe. Mo kọ ọ́ sójú pátákó pé, "Kí ni ìtumọ̀ òwe yìí?" Ó dáhùn pé bí nǹkan ẹni bá bàjẹ́, èyí tó dáa jù ú lọ lè rọ́pò rẹ̀. Mo fún un ní 10 nínú 10. Ìdáhùn rẹ̀ kò burú. Ìbéèrè tèmi ni kò tó. Látọjọ́ yẹn la ti yí bí a ṣe ń ṣe ìbéèrè padà, mo sì rò pé á wúlò fún àwọn ẹgbẹ́ wa yòókù, yálà ẹ wà ní Kánò, ní Máíkúrì tàbí ní Pọta, nítorí ìṣòro kan náà ni gbogbo wa ní. Ọmọ tí wọ́n bí sílé, ó ń gbọ́ òwe lẹ́nu àwọn àgbà nígbà tí wọ́n bá ń parí ìjà, nígbà tí wọ́n bá ń fẹ́ ìyàwó fún ọmọ. Ó ti rí ibi tí wọ́n ti lò ó kó tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Tiwa níbí, inú ìwé àti inú fóònù ló ti kọ́kọ́ bá a pàdé.

Ẹ jẹ́ ká yẹ òwe yẹn wò dáadáa. Kí ló dé tó jẹ́ ilé ọba? Kí ló dé tí wọn ò sọ pé ilé àgbẹ̀ tàbí ilé ọlọ́jà? Ìdí ni pé ilé ọba kì í ṣe ti ọba nìkan, ti gbogbo ìlú ni. Bó bá jó, gbogbo àdúgbò ló máa dá sí i: àwọn kan á gé òpó, àwọn kan á po ẹrẹ̀, àwọn kan á gbé koríko ìbolé wá. Ìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá jọ kọ́ ilé kan, ó di dandan kó dára ju ti tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹwà tí òwe ń sọ kò ti inú iná wá. Ọwọ́ àwọn èèyàn ló ti wá. Tí ẹni tí kò mú kọ́bọ̀ dání bá wá ń pa á fún ẹni tí eérú ṣì ń gbóná lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ṣe ló dà bíi pé ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọdé ní pàtàkì, "Ẹ kú ewu iná, sà, Ọlọ́run á fi èyí tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò" ló yẹ kó bá a lẹ́nu.

Nǹkan bí oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, bàbá yẹn tún ṣọ́ọ̀bù ṣí. Ẹgbẹ́ dáwó, àwọn tó ń kó aṣọ fún wọn ní Èkó náà fún wọn lọ́jà àwìn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, ọ̀rẹ́ wọn kan, àgbàlagbà bíi tiwọn, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ṣẹ́ẹ̀fù onígíláàsì tuntun yẹn lọ sókè sódò, ó ní, "Lágbájá, ilé ọba tó jó!" Kò tiẹ̀ parí rẹ̀. Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín. Òwe kan náà ni, ilé kan náà, ẹni kan náà. Ẹni tó pa á àti ìgbà tó pa á ló yàtọ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta la máa ń bi àwọn ọmọ lórí òwe kọ̀ọ̀kan báyìí. Kí ni àwọn ọ̀rọ̀ náà ń sọ, kí sì ni òwe fẹ́ sọ? Ta ló lè pa á fún ta, nígbà wo? Báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀, báwo la ṣe ń lò ó báyìí? Nínú máàkì 10, a máa ń fún ìbéèrè ti àárín ní 5, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kùnà jù. Òwe méjì péré la sì ń ṣe lọ́jọ́ kan. Tẹ́lẹ̀, a máa ń ṣe tó mẹ́wàá, àwọn ọmọ á kà á bí ẹní ka ABD, á sì tán síbẹ̀.

Ẹ má fojú kéré apá àkọ́kọ́, ìyẹn ohun tí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń sọ. A ti sáré fò ó rí, ó sì dójú tì wá. Ní kíláàsì kan, a kọ ọ́ sójú pátákó pé, "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè." Mo bèèrè pé kí ni pẹpẹ. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó ní ibi tí pásítọ̀ máa ń dúró sí níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó ní òwe náà túmọ̀ sí pé ọmọdé kò lè di pásítọ̀. Àwọn tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí nínú wọn kò tiẹ̀ ní nǹkan kan láti sọ.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọmọ náà kò jìnnà sí òótọ́. Pẹpẹ ni wọ́n fi túmọ̀ ibi ìrúbọ nínú Bíbélì Yorùbá, ibẹ̀ nìkan ló sì ti gbọ́ ọ rí. Pẹpẹ inú òwe ni ibi gíga tí wọ́n ń gbé nǹkan sí nínú ilé, tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni kèrègbè. Ike àti abọ́ ni mò ń tà, mo ní oríṣiríṣi kẹ́ẹ̀gì, mo ní bọ́kẹ́ẹ̀tì, àmọ́ kò sí kèrègbè ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo wá mú ike kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ fún lọ sí kíláàsì, mo sọ ọsàn wẹ́wẹ́ kan sínú rẹ̀. Mo ní kí tíṣà mú un jáde láì da ike náà dé. Ọwọ́ wọn kò wọ̀ ọ́. Ọmọ ọdún 7 kan ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó mú ọsàn jáde, gbogbo kíláàsì sì pariwo. Mo wá gbé ike náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo ní kí ọmọ kan náà lọ gbé e wá. Kò tó o. Kò sẹ́ni tó tún bi mí ní ìtumọ̀ òwe yẹn mọ́.

Nígbà tá a dé ìbéèrè kejì, ìyẹn ta ló lè pa á fún ta, ọ̀rọ̀ gùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ní àgbà nìkan ló ń pa á, láti fi sọ fún ọmọdé pé agbára rẹ̀ kò tó nǹkan. Mo bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní nílé. Ó wá yé mi pé àwa òbí la máa ń gé òwe náà sí méjì. A máa ń sọ pé "ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ," a ó wá dákẹ́ síbẹ̀, a ó sì fi lé ọmọ sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ méjì ni òwe náà ní. Àgbà tó bá fẹ́ rán ọmọ níṣẹ́ lè pa á láti fi bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń parí ìjà láàárín ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ lè pa á, kí àwọn méjèèjì lè mọ̀ pé àwọn nílò ara wọn. Ọmọdé náà lè pa á tó bá ń wá ìrànlọ́wọ́ àgbà, àmọ́ ó ní bó ṣe gbọ́dọ̀ ṣe é.

Bó ṣe máa ṣe é nìyí, a sì máa ń ní kí wọ́n fẹnu sọ ọ́ jáde ní kíláàsì ni, a kì í ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọdé kì í ṣàdédé pa òwe lójú àgbà. Á kọ́kọ́ sọ pé, "Ẹ̀yin àgbà lẹ máa ń pa á lówe pé..." tàbí kó pa á tán kó wá ní, "Tótó, ó ṣe bí òwe o." Àwọn àgbà á wá dá a lóhùn pé, "Wàá rí òmíràn pa o." Gbólóhùn kékeré yẹn ni ìwé ìròyìn òwe kì í kọ sílẹ̀, òun sì ni ọmọ tiwa kò ní. Ká ní ọmọ ọjọ́ iná yẹn ní in ni, ì bá dín ìbínú kù díẹ̀, bí kò tilẹ̀ tún nǹkan ṣe tán.

Lórí ìbéèrè kẹta, ìyẹn bí ìlò ṣe yí padà, ọmọ ọdún 12 kan sọ ohun tí n kò ronú kàn. Ó ní ìyá òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, òun ni òun ń bá wọn tẹ̀ ẹ́, àmọ́ àwọn ni wọ́n ra fóònù. Ó ní fóònù rírà ni pẹpẹ, owó fífi ránṣẹ́ ni kèrègbè. Mo fún un ní máàkì tirẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Irú ìdáhùn tá à ń wá nìyẹn. Èyí tá ò fẹ́ ni "wọn ò lò ó mọ́," nítorí ọmọ tó bá fẹ́ tètè jáde lọ gbá bọ́ọ̀lù ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Fóònù yẹn náà ní ìjàǹbá tirẹ̀ o. Àwọn tó ń fi òwe ránṣẹ́ lórí Wásáàpù kì í fi àmì sí i. "Ile oba tojo" ni wọ́n máa ń kọ. Mo fún àwọn ọmọ ní kí wọ́n kà á sókè. Ẹnì kan kà á bíi pé ilé ọba ń jò, òjò ń wọlé sí i. Òmíràn ní ilé ọba tó ń jó, bí ẹni tó wà lóde àríyá! Jó tí iná ń jó àti jó tí à ń jó sí ìlù, ohùn kan náà ni, nítorí náà ti èkejì ṣì ní àwáwí. Àmọ́ jò ti òjò, ohùn ìsàlẹ̀ ni. Látìgbà yẹn, ẹni tó bá mú òwe wá láti inú fóònù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà á fún àgbàlagbà kan nílé, kó sì fi àmì sí i kó tó gbé e wá.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀kan tí kò dùn. Àwọn òwe kan wà tó ń fi ẹ̀yà mìíràn ṣe yẹ̀yẹ́, títí kan àwọn tá à ń gbé ní ìlú wọn. Gbogbo wa mọ̀ wọ́n, n kò ní kọ wọ́n síbí. Tíṣà kan fi ọ̀kan kọ́ àwọn ọmọ, ọmọ kan lọ pa á ní ilé-ìwé níbi tí ẹni tó gbọ́ Yorùbá nínú àwọn ọmọ onílé jókòó sí. Ó di ẹjọ́, orí ló kó wa yọ. Nínú ìbéèrè kejì wa, a ti wá fi kún un pé: "Ta ló tún wà níbẹ̀ tó lè gbọ́ ọ?" Fún àwa tá a wà lẹ́yìn odi, ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti ìdánwò nìkan.

Ó ku oríkì. Ibẹ̀ nira jù, nítorí òwe jẹ́ ti gbogbo ayé, àmọ́ oríkì ní ẹni tó ni ín.

Oríkì àbísọ la fi ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ kan péré tí wọ́n fi ń ki ọmọ láti ìgbà tí wọ́n bá ti bí i: Àjàní, Àkànní, Àkànbí, Àdùkẹ́, Àjọkẹ́, Àbẹ̀kẹ́. A kì í ní kí wọ́n há ìtumọ̀ sórí. A máa ń ní kí wọ́n tú u. Àjàní: a jà ká tó ní in. Àjọkẹ́: ẹni tá a jọ ń kẹ́. Àbẹ̀kẹ́: ẹni tá a bẹ̀ ká lè kẹ́. Lẹ́yìn náà, mo á kọ Àkànní àti Àkànkẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mo á ní kí wọ́n sọ èyí tó jẹ́ ọkùnrin. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi rí i pé "kẹ́" ló máa ń parí ọ̀pọ̀ ti obìnrin.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe èyí, mo kọ Àṣàkẹ́, gbogbo wọn ní ọkùnrin ni. Mo ní rárá. Wọ́n ní anti, ọkùnrin ni, a mọ orin rẹ̀! Olórin yẹn ni wọ́n ń sọ. Mo ṣàlàyé fún wọn pé orúkọ ìyá rẹ̀ ló fi ń kọrin. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni pé oríkì obìnrin kúrò lẹ́nu àwọn àgbà ilé, ó di orúkọ ọkùnrin lórí rédíò. Irú ìyípadà tí ìbéèrè kẹta ń wá gan-an nìyẹn.

Òmíràn wà nínú rẹ́jísítà kíláàsì fúnra rẹ̀. A ní ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àkànní gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé. Ìbéèrè tí mo bi wọ́n ni pé, "Ta ni Àkànní?" Wọ́n ní òun ni. Mo ní kó lọ bèèrè nílé. Ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ó ní bàbá bàbá òun ni. Oríkì tí ìyá bàbá náà fi ń pè é nílé ni wọ́n kọ sílẹ̀ nígbà tó wọ ilé-ìwé, láti ìgbà yẹn ni gbogbo ọmọ àti ìyàwó ti ń jẹ́ ẹ. Bàbá àgbà kan ni wọ́n kẹ́, odindi ìdílé ló wá ń jẹ́ ẹ.

Ta ló lè pè é? Ìyá mi àgbà máa ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́ tí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ rán mi níṣẹ́ tó jìnnà. Ọkọ mi lè pè mí bẹ́ẹ̀ tó bá fẹ́ tù mí lójú. Ṣùgbọ́n tí ọmọ tó ń ti ọmọlanke lọ́jà bá ké sí mi ní "Àbẹ̀kẹ́!" láìfi nǹkan sí i, á gbọ́ tèmi. Ìbéèrè tá à ń fún wọn ni pé kí wọ́n dárúkọ ẹni mẹ́ta tó lè fi oríkì pè wọ́n àti ẹni mẹ́ta tí wọn ò lè fi oríkì pè. Kì í sì í ṣe gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló ń sọ ọmọ lóríkì báyìí. Tí ọmọ kan bá ní òun kò ní, kí tíṣà má fún un ní òdo, kó má sì fún un ní ọ̀kan látara ìwé. Kó ní kó bèèrè ohun tí wọ́n fi ń ki ọmọ ní ìlú tiwọn.

Oríkì orílẹ̀ la kì í kọ́ ní kíláàsì. Iṣẹ́ àmúrelé ni. Ọmọ á gba ohùn àgbà ilé rẹ̀ sórí fóònù, bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú méjì péré. Bí ìyá àgbà bá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà, kó pè wọ́n. Á wá dáhùn pé: Ta ló ki í? Orílẹ̀ bàbá ni àbí ti ìyá? Orúkọ ènìyàn àti ti ibùgbé wo ló gbọ́ níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ wo ni kò yé e? Ìgbà wo ni wọ́n kì í bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn? A kì í sọ pé oríkì ẹnì kan tọ̀nà, ti ẹnì kejì kò tọ̀nà. Ọmọ méjì láti orílẹ̀ kan náà lè mú ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ wá, torí wọ́n ti pín sí ìlú méjì tipẹ́. Tíṣà tó bá fi ìwé kan ṣòdiwọ̀n, ìyá àgbà ẹni ẹlẹ́ni ló ń fún ní òdo.

Nǹkan kan ṣì wà níbẹ̀. Oríkì orílẹ̀ kì í ṣe ìyìn nìkan. Ó máa ń sọ ìjà tí wọ́n jà, gbèsè, ìwà tí wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀ sí ìdílé náà. Ọmọkùnrin kan gbé tiwọn wá, a gbé e sí etí gbogbo kíláàsì láì kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ìlà kan wà níbẹ̀ tó fi àwọn baba rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Kó tó di ìparí ọjọ́ yẹn, wọ́n ti sọ ọ́ di orúkọ ìnagijẹ fún un. Ó tó oṣù kan tí kò fi wá mọ́. Bàbá rẹ̀ ló wá ṣàlàyé fún wa pé tí wọ́n bá ki òun bẹ́ẹ̀ nílé, orí òun á wú ni, torí pé ẹni tó mọ ìdílé dé ikùn ló lè fi í ṣeré bẹ́ẹ̀. A ní kí wọ́n wá sọ ọ́ fún kíláàsì fúnra wọn, wọ́n sì wá. Báyìí, tíṣà ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ọmọ bá gbà sílẹ̀, òun nìkan, á sì bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tún gbọ́ ọ.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, òwe tá a fẹ́ ṣe ni "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́." Mo ti sọ fún ìyá kan tó ń pọn ọmọ kó jọ̀ọ́ wá jókòó síwájú, nítorí àwọn ọmọ wa kan rò pé orí tó wọ́ ni orí tí kò tọ́ láti inú oyún. Wọ́n á rí i bí orí ọmọ ṣe ń wọ́ tó bá sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀, àti bí ẹni tó wà lẹ́yìn nìkan ṣe lè rí i. Ìbéèrè kejì tá a ti kọ sílẹ̀ ni: "Ọ̀dọ́ kan fẹ́ kí alága ẹgbẹ́ dá sí ìjà kan. Báwo ló ṣe máa pa òwe yìí fún un tí kò fi ní jọ èébú?"